Bí a ṣe ń kọ àgbéyẹ̀wò fíìmù tàbí ìwé láìtú àṣírí ìtàn

Ẹni tó ń ka àgbéyẹ̀wò lórí fóònù nínú ọkọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé dání: ṣé kí n wò ó, àbí kí n fi owó àti dátà mi ṣe nǹkan mìíràn? Àgbéyẹ̀wò tó bá yẹ ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Èyí tó sì ro ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti bá a jẹ oúnjẹ rẹ̀ kó tó jókòó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ gbà pé kò sí ọ̀nà kẹta: bí èèyàn bá fẹ́ sọ pé ìparí fíìmù kò dáa, àfi kó sọ ìparí náà. Irọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn kọ́ ni ìdájọ́ ń dúró lé, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni, ìyẹn sì ṣeé sọ láìtú àṣírí kankan.

A ó fi fíìmù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wá a kiri. Àwa la hun ìtàn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí a lè tú u palẹ̀ láìba ti ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìṣẹ́jú 118 ni gígùn rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí Dìran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí Ítálì. Owó ń wọlé lóṣooṣù, àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà méjì sì ń bá a rìn, ṣùgbọ́n Dìran kì í pè. Ara ìyá wọn kò yá, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì fàáké kọ́rí pé òun ò ní gbà láìgbọ́ ohùn ọmọ òun. Ní ìṣẹ́jú 22, Mọ́rẹ́nikẹ́ pinnu láti wádìí ìdí tí ẹ̀gbọ́n òun kì í fi í pè. Ní ìṣẹ́jú 35, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lá gba yàrá nínú ilé wọn. Ìṣẹ́jú 84 la tó mọ̀ pé Dìran ti kú sínú aṣálẹ̀ kó tó dé etí òkun rárá, àti pé Kọ́lá, tí wọ́n jọ rin ìrìn náà, ló ń fi owó ránṣẹ́. Ní ìṣẹ́jú 112, ìyá gbọ́. Ní ìṣẹ́jú 115, ó ti dárí ji Kọ́lá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kù, ijó ni wọ́n fi í jó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fa ìlà

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú bébà kan, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ní apá òsì, ẹ ó máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó ṣe yín níbẹ̀: ẹ rẹ́rìn-ín, oorun kùn yín, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìlà 15 sí 20 ti tó fún odindi fíìmù. Bí ẹ bá kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bébà lẹ̀ ń wò, kì í ṣe fíìmù.

Nígbà tó bá parí, ẹ pín gígùn rẹ̀ sí mẹ́rin, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ìdá àkọ́kọ́. Fún fíìmù wa, ó bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ohun tó wà lókè ìlà, ẹ lè sọ ọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè kí ẹ tó fẹnu kàn án. Ìdí tí a fi mú ìdá mẹ́rin ni pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù ti máa ń di kókó ìtàn tán: a ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tó ń wá, àti ohun tó dí i lọ́nà. Ẹni tó bá wò ó yóò mọ ìyẹn kó tó jẹ gúgúrú rẹ̀ tán. Ìwé le díẹ̀ sí i, torí èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta ka ìdá mẹ́rin ìwé ńlá. Ìdá márùn-ún la máa ń lò níbẹ̀: ìwé olójú-ewé 240, ẹ má kọjá ojú-ewé 48.

Ìlà náà ń tọ́ni sọ́nà ni, kò gbọ́n tó yín. Ẹ wo Kọ́lá. Ìṣẹ́jú 35 ló dé, ó kọjá ìlà díẹ̀ péré, kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Ó dà bí ẹni pé kò léwu. Ṣùgbọ́n bí àgbéyẹ̀wò bá dárúkọ èèyàn mẹ́rin, tí mẹ́ta jẹ́ ẹbí kan náà, tí ìkẹrin wá jẹ́ ayálégbé kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá, òǹkàwé á bi ara rẹ̀ pé kí ló gbé ọkùnrin yìí débẹ̀. Ó ti ń ṣọ́ ọ nìyẹn kó tó yọjú. Ẹ fi Kọ́lá sílẹ̀ pátápátá, àgbéyẹ̀wò yín kò ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń wí pé, "Ṣebí ó wà nínú ìpolówó fíìmù náà?" tàbí "Ṣebí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé?" Ẹni tó polówó ọjà ló tú u, kò sọ pé kẹ́yin náà tú u. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò wo ìpolówó ọ̀hún.

Ti ìtàn àtijọ́ yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí fíìmù bá dá lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, kò sí ẹni tí yóò fẹ̀sùn kàn yín pé ẹ tú àṣírí bí ẹ bá kọ pé Ìyálóde Ìbàdàn náà kú lọ́dún 1874. Ìtàn ìlú nìyẹn. Àṣírí fíìmù bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ti yà kúrò nínú ohun tí gbogbo ayé mọ̀: ẹni tó di ẹ̀bi rù, ẹ̀dá ìtàn tó ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fi sí i lẹ́nu kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìlú sí àṣírí fíìmù á máa ṣọ́ra níbi tí kò séwu, á sì tú ibi tó yẹ kó bò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ìdájọ́ ṣáájú ohun gbogbo

Kí wákàtí kan tó kọjá lẹ́yìn tí ẹ wò ó tán, kí ẹ tó ka ti ẹlòmíràn, ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Kí ó sọ ẹni tí fíìmù náà dára fún, ohun tó yẹ kí ẹni náà ná lé e lórí, àti ohun tó dín in kù. Gbólóhùn tí a máa ń rí jù ni èyí: "Fíìmù tó gbádùn mọ́ni ni, ó ní ibi tó dáa, ó sì ní ibi tó kù sí." Gbogbo fíìmù tí wọ́n ti ṣe láyé ló bá ìyẹn mu. Ẹ fi wé èyí: "Ẹ wò ó nílé bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn ẹbí tó ń rọra tú, ẹ má torí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, nítorí ìparí rẹ̀ sáré."

Àwa ò fẹ́ràn ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, kí ni kéèyàn ṣe sí i? Àtẹ̀gùn mẹ́rin la ń lò: ẹ lọ sí sinimá, ẹ wò ó nílé, ẹ wò ó bó bá di ọ̀fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Fún ìwé, mẹ́ta tó: ẹ rà á, ẹ yá a, ẹ fi sílẹ̀. Òǹkàwé mọ iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ní àdúgbò rẹ̀, ó sì mọ ibi tí owó rẹ̀ ti ń tán.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni ìdájọ́ ń gbé, kì í ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn akọ̀wé pé bí àwọn bá sọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tí yóò ka ìyókù. Òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó ti gbọ́ ìdájọ́ fẹ́ mọ ìdí.

Ohun kan tún wà tó jẹ mọ́ fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń gbé sórí YouTube. Ẹ sọ bóyá ìtàn náà parí, àbí Apá Kejì ló ń dúró dè. Kò sí àṣírí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ra kóńgò ìrẹsì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ó kún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìtàn ní gbólóhùn mẹ́rin

Ta ni? Níbo? Kí ló ń wá? Kí ló dí i lọ́nà? Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má kọjá nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60. Ẹ dúró síbi tí òǹkàwé ti fẹ́ béèrè pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Bí ẹ bá ti kọ "lẹ́yìn náà" lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀rí

Iṣẹ́ gidi wà níbí. Ohun rere méjì àti àbùkù kan ti tó. Èyí tó bá ju mẹ́ta lọ, òǹkàwé ò ní rántí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kan pàtó láti òkè ìlà. "Òṣèré tó ṣe ìyá ṣe dáadáa" kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ìṣẹ́jú 17, ìyá gbé fóònù sétí láti pe ọmọ rẹ̀. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ sọ pé nọ́ńbà náà kò lọ. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní "Ẹ ṣé o," ó sì fi ìborùn nu ojú fóònù náà kó tó gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìran yẹn sílẹ̀ bó ṣe rí, ẹ ò nílò láti yin òṣèré náà mọ́. Kò sì tú nǹkan kan: ohun tí ẹ sọ nínú ìtàn gbólóhùn mẹ́rin náà ni.

Àbùkù inú iṣẹ́ ọwọ́ rọrùn láti sọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ìran ọjà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ bá ń yára kọjá kí èèyàn tó kà á tán, ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá ìyá rẹ̀ wò ó nílò kó mọ̀. Ìparí tí kò dáa ló ṣòro, torí òun lèèyàn fẹ́ ráhùn lé lórí jù, òun sì ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹ gbé ẹ̀sùn náà kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ gbé e sórí àkókò. Ohun tó bí wa nínú nínú fíìmù wa ni pé ìyá dárí ji Kọ́lá kíákíá. Bí a bá kọ bẹ́ẹ̀, a ti tú ohun mẹ́ta pọ̀: pé ẹnìkan ṣẹ̀, pé ìyá mọ̀, pé ó dárí jì í. Ṣùgbọ́n kí ló mú kó burú gan-an? Kókó tí wọ́n di ní ìṣẹ́jú 22 ń le sí i títí di 112, ó wá tú ní 115. Nítorí náà: "Kókó tí wọ́n fi wákàtí kan àtààbọ̀ dì, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi tú u." Ẹni tí kò tíì wò ó mọ ohun tí yóò dùn ún, kò mọ ohun tó wà nínú kókó náà. Ẹni tó ti wò ó yóò mi orí.

Ọ̀nà kejì ni okùnfà: ẹ sọ pé ohun tó parí ìtàn náà kò ní gbòǹgbò nínú ohun tó ṣáájú rẹ̀. A máa ń lò ó nígbà tí ìparí bá já bọ́ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "ẹnìkan yí ọkàn padà láìnídìí." Nínú ìtàn tó ní èèyàn ogún, kò léwu. Nínú ìtàn èèyàn mẹ́ta, ẹ ti nàka sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣòfófó

Ẹ ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe fún ìtàn, fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìkéde: "Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa parí!" Akọ̀wé rò pé òun ń pa àṣírí mọ́; ohun tó ṣe ni pé ó sọ fún òǹkàwé pé ìtàn náà máa yí bírí. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni onítọ̀hún yóò ti máa fura sí gbogbo èèyàn, á sì mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú 40. Pé àṣírí wà, apá kan àṣírí ni.

Òwe ni ìkejì, ọwọ́ àwa Yorùbá ni àṣìṣe yìí sì pọ̀ sí. A fẹ́ kí àkọlé dùn, a wá kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé: "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Òwe dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹnìkan nínú ilé Mọ́rẹ́nikẹ́ ń purọ́. Òwe máa ń sọ àbájáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀kan, kí ó jẹ́ èyí tó bá ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn mu.

Ìkẹta ni ìfiwéra. "Ó rán mi létí fíìmù báyìí-báyìí" ti tú fíìmù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àṣírí wọn bá jọra. Ẹ wo àwòrán tí ẹ fi sókè náà: bí ìyá bá wọ aṣọ dúdú nínú rẹ̀, ẹ fi òmíràn sí i.

Bó ṣe rí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀

Àgbéyẹ̀wò wa rèé, kí a tó fi han ẹnikẹ́ni:

"Ẹ wò ó nílé, ní alẹ́ tí ẹ bá ráyè jókòó tì í, ẹ má torí rẹ̀ lọ sí sinimá. Ìtàn ẹbí tó ń rọra tú ni, ó parí láìsí Apá Kejì, iṣẹ́ ẹni tó ṣe ìyá nìkan sì tó owó dátà yín. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ sáré.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí Dìran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí Ítálì. Lóṣooṣù ni owó ń wọlé lórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pè. Ìyá wọn nílò iṣẹ́ abẹ, ó sì ní òun ò ní gbà bí òun ò bá gbọ́ ohùn Dìran, Mọ́rẹ́nikẹ́ wá ní láti wá ohùn náà rí.

Ìran kan wà níbi tí ìyá ti pe nọ́ńbà tí kò lọ. Ó gbọ́ ohùn inú ẹ̀rọ dópin, ó ní 'Ẹ ṣé o,' ó sì fi ìborùn nu ojú fóònù. Ojú kan náà ni olùdarí fi wo ọjà Ìtòkú: ó dúró pẹ́, kò sáré, a rí aró lábẹ́ èékánná àwọn obìnrin. Àbùkù rẹ̀ ni pé kókó tí wọ́n fi wákàtí kan àtààbọ̀ dì, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi tú u, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ìparí máa ń bí nínú, ẹ dúró di ọjọ́ tó bá di ọ̀fẹ́."

Ó wà láàárín ọ̀rọ̀ 150 sí 250, ìwọ̀n tí èèyàn lè kà kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdókọ̀ kan dé èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fún ẹni tí kò tíì wò ó

Ẹ fún èèyàn mẹ́ta tí kò tíì wo fíìmù náà, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ máa wò ó, níbo? Kí ni ìtàn náà dá lé? Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ níparí? Bí ìdáhùn wọn sí ìkínní bá jẹ́ "mi ò mọ̀," ìdájọ́ yín kò yanjú. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Wọ́n lè yan ohun tó yàtọ̀ síra, ìyẹn kò burú, níwọ̀n ìgbà tí oníkálukú bá mọ ìdí tó fi yàn án. Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Bí wọ́n bá fọkàn ro ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àṣírí wà lábẹ́ aṣọ. Bí ẹni méjì bá sọ ohun kan náà, tí ohun náà sì tọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ti jò.

Ẹ ka àgbéyẹ̀wò tiwa padà, ẹ ó rí ibi tó ti jò. "Owó ń wọlé lórúkọ rẹ̀." Kí ló dé tí a ò kàn sọ pé Dìran ń fi owó ránṣẹ́? Nítorí pé a mọ̀ pé òun kọ́, a ò sì fẹ́ purọ́ fún òǹkàwé, la ṣe rọra wá ọ̀rọ̀ tó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ Yorùbá dáadáa gbọ́ ìrọra yẹn. Ohun tó ń wọlé lórúkọ èèyàn, ó lè má ti ọwọ́ onítọ̀hún wá. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ méjì náà kúrò: "Lóṣooṣù ni owó ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í pè." A ò purọ́, a ò sì fi ẹnikẹ́ni sùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fún ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́, torí àwọn mẹ́ta ìṣáájú ti fura, wọn ò wúlò mọ́.